Ohun tí Àròpọ̀ Owó Fi Pamọ́: Ìwé Òṣùwọ̀n Iṣẹ́ Ilé Kíkọ́ ní Agbègbè Ilé Iṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége

1. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀

Ìwé kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jùmọ̀ ṣí wò nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ìwé náà ni Ìwé Òṣùwọ̀n Iṣẹ́ Ilé, èyí tí àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ ń pè ní bíìlì. Inú rẹ̀ ni a ti ń kọ gbogbo iṣẹ́ tí ilé kan gbà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwọ̀n tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó, iye owó tí ẹyọ ìwọ̀n kan jẹ́, àti àròpọ̀ owó ìpín kọ̀ọ̀kan, títí a ó fi dé àròpọ̀ ìkẹyìn. Àròpọ̀ ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ olówó máa ń kọ́kọ́ ṣí ìwé wò, òun nìkan náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn. Ewu tí ó wà nínú ìwà yìí ni kókó ọ̀rọ̀ mi.

Oníṣòwò kan ní Ọgbà, ní ààrin Ìkẹjà àti Agége, ni ó mú kí n ronú sí ọ̀rọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀. Ó ń kọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan sí ẹ̀yìn ibi iṣẹ́ rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe méjì ni wọ́n dá owó iṣẹ́ náà, ó sì gbé e fún ẹni tí owó tirẹ̀ kéré. Ògiri dúró tán, iṣẹ́ dúró, agbaṣẹ́ṣe kò sì yọjú mọ́. Ọkùnrin náà kó bíìlì méjèèjì wá bá mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí owó rẹ̀ kéré ni mo gbéṣẹ́ fún. Báwo ni ó ṣe wá di pé èmi ni n ó san jù?” Ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Mo ti yí iye owó inú bíìlì rẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá ilé náà mọ̀, mo sì gé wọn ní gééré kí ìṣirò lè rọrùn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú wọn lọ sí ọjà bí iye òní.

Agbègbè tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ní 1960 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ìkẹjà, abẹ́ ìjọba náà ni Ìkẹjà àti Agége sì wà títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún, 1967. Àwọn oníṣirò òṣùwọ̀n ilé, àwọn tí a ń pè ní kuáńtítì sọ́fẹ́yọ̀, dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1969, òfin ìforúkọsílẹ̀ wọn sì jáde ní 1986. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kì í kọ́lé láìsí wọn. Ṣùgbọ́n lónìí, iṣẹ́ kékeré ni ó pọ̀ jù ní agbègbè náà: a ń fẹ ilé iṣẹ́ lójú, a ń sọ ilé ẹ̀rọ àtijọ́ di ilé ìkẹ́rùsí, a ń mọ ògiri yí ọgbà ká. Nínú irú iṣẹ́ wọ̀nyí, olówó fúnra rẹ̀ ni ó ń ka bíìlì. Òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù.

2. Ta ni ó ni ìwọ̀n, ta ni ó ni iye?

Ojú ewé bíìlì kọ̀ọ̀kan pín sí òpó márùn-ún. Òpó kìíní sọ irú iṣẹ́ náà, òpó kejì sọ ìwọ̀n rẹ̀, òpó kẹta sọ ẹyọ tí a fi wọ̀n ọ́n, òpó kẹrin sọ iye owó ẹyọ kan, òpó karùn-ún sì sọ owó tí a rí nígbà tí a fi iye ẹyọ sọ ìwọ̀n di púpọ̀. Iṣẹ́ tí ó ní gígùn nìkan, a ń fi mítà wọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ tí ó ní gígùn àti ìbú, bí ògiri, a ń fi sukúyà mítà wọ̀n ọ́n, èyí tí ó jẹ́ mítà kan ní gígùn àti mítà kan ní ìbú. Iṣẹ́ tí ó tún ní jíjìn, bí ilẹ̀ tí a gbẹ́ tàbí kọnkéré tí a dà, kúbíìkì mítà ni a ń lò fún un.

Ohun tí ó yẹ kí a dì mú ni pé ọwọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó yẹ kí ó kọ òpó wọ̀nyí. Ìhà olówó ni ó yẹ kí ó wọn iṣẹ́ láti inú àwòrán ilé, kí ó sì kọ òpó mẹ́ta àkọ́kọ́. Agbaṣẹ́ṣe ni yóò kọ iye ẹyọ. Bí gbogbo àwọn tí ń díje bá gba ìwé kan náà tí ìwọ̀n inú rẹ̀ dọ́gba, iye ẹyọ nìkan ni ó lè mú kí owó wọn yàtọ̀, a ó sì lè fi wọ́n wé ara wọn. Ṣùgbọ́n bí olúkúlùkù bá lọ wọn ilé náà fúnra rẹ̀, a kò ní mọ̀ bóyá ẹni tí owó rẹ̀ kéré ń ta ọjà rẹ̀ ní pọ́ọ́kú ni, tàbí ó gbàgbé láti ka ògiri kan.

Wíwọ̀n náà ní òfin tirẹ̀. Òfin ìwọ̀n tí a tẹ̀ ní Bìrìtéènì fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1922 ni a jogún rẹ̀, kí ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò ilẹ̀ wa tó ṣe tiwọn. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan ṣoṣo ṣe àpẹẹrẹ. Ilé ìkẹ́rùsí ọkùnrin wa yìí gùn ní mítà 20, ó sì fẹ̀ ní mítà 10. Ẹni tí ó bá fi okùn wọ̀n ọ́n yípo láti ìta yóò rí mítà 60. Bí ògiri bá ga ní mítà 3, yóò kọ sukúyà mítà 180 sílẹ̀. Ó ti ṣìnà. Ní igun kọ̀ọ̀kan, ó ti ka nínípọn ògiri lẹ́ẹ̀mejì, ó kà á fún ògiri ọ̀tún, ó sì tún kà á fún ògiri òsì. Nínípọn búlọ́ọ̀kù náà jẹ́ mítà 0.225, igun sì jẹ́ mẹ́rin, nítorí náà mítà 0.9 ni a ó yọ kúrò nínú 60. Ó ku mítà 59.1, ògiri sì di sukúyà mítà 177.3 kí a tó yọ àyè ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò. Bí iye ẹyọ bá jẹ́ ₦16,200, igun mẹ́rin yìí nìkan ti fẹ́ gba ₦43,740 lọ́wọ́ olówó fún ògiri tí ẹnikẹ́ni kò mọ.

3. Bí a ṣe ń dé orí iye ẹyọ kan

Níbo wá ni ₦16,200 náà ti wá? Ìbéèrè yìí ni olówó kì í sábà bi agbaṣẹ́ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìbéèrè tí ó ń tú àṣírí bíìlì bí i tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tú sukúyà mítà kan ògiri búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì mẹ́sàn-án palẹ̀.

Búlọ́ọ̀kù náà gùn ní mìlímítà 450, ó sì ga ní 225. Àwọn bíríkìlà máa ń ka mẹ́wàá fún sukúyà mítà kan. Bí a bá tò wọ́n jọ láìsí sìmẹ́ǹtì láàárín wọn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mẹ́wàá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi sìmẹ́ǹtì oní-mìlímítà 25 sí àárín wọn, díẹ̀ ni yóò fi lé ní mẹ́jọ. Èyí tí ó ṣẹ́kù nínú mẹ́wàá náà ni a fi ń dí àwọn tí ó fọ́ nínú ọkọ̀ àti àwọn tí a gé sí méjì. Nítorí náà, agbaṣẹ́ṣe tí ó bá ti ka mẹ́wàá kò gbọdọ̀ tún fi owó búlọ́ọ̀kù fífọ́ kún un lọ́tọ̀.

Ní ₦900 fún búlọ́ọ̀kù kan, mẹ́wàá jẹ́ ₦9,000. Àpò sìmẹ́ǹtì kan lè mọ nǹkan bí 50 nínú búlọ́ọ̀kù yìí, nítorí náà ìdá kan nínú márùn-ún àpò ni mẹ́wàá yóò gbà, èyí jẹ́ ₦2,000 bí àpò bá jẹ́ ₦10,000. Yanrìn jẹ́ ₦400. Bíríkìlà kan àti lébìrà kan lè mọ 100 búlọ́ọ̀kù lójúmọ́ bí omi àti ohun èlò bá wà nítòsí. Bí owó ọjọ́ àwọn méjèèjì bá jẹ́ ₦18,000, ti mẹ́wàá jẹ́ ₦1,800. Omi àti pákó àkàbà tí a ń gùn jẹ́ ₦300. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦13,500. Owó tí yóò jáde lápò agbaṣẹ́ṣe nìyí, kò tí ì jẹ èrè kankan.

Ẹ ó rí i pé búlọ́ọ̀kù nìkan ti kó ìdá méjì nínú mẹ́ta owó náà. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí olówó bá ń bá agbaṣẹ́ṣe jà nítorí owó lébìrà, kò tí ì dé ibi tí owó wà. Bí ó bá sì gba búlọ́ọ̀kù tí a fi yanrìn púpọ̀ mọ, tí sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ kò tó, iye ẹyọ lórí ìwé kò ní yí padà, ohun tí ó ra ni ó ti yí padà. Nítorí èyí ni òpó kìíní fi gbọ́dọ̀ sọ irú búlọ́ọ̀kù àti bí a ṣe po ó, kì í ṣe kí a kàn kọ “ògiri” síbẹ̀.

4. Àlékún, àti ẹni tí ó ni ín

Lórí ₦13,500 náà ni agbaṣẹ́ṣe yóò ti fi àlékún tirẹ̀ lé e. Àlékún yìí ni yóò fi san owó ọ́fíìsì rẹ̀, akọ̀wé rẹ̀ àti epo ọkọ̀ rẹ̀, èyí tí ó bá sì ṣẹ́kù ni èrè rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ₦2,700 ni, iye ẹyọ sì di ₦16,200.

Ọ̀fìn kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe kékeré ti jìn sí. Ìdá 20 tí a fi lé owó ìnáwó kì í ṣe ìdá 20 owó títà. ₦2,700 jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún ₦13,500, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́fà ₦16,200 ni. Bí olówó bá wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ ìdá 20 fún òun, tí agbaṣẹ́ṣe sì rò pé èrè òun nìkan ni òun fi tọrẹ, ₦3,240 ni yóò yọ. Iye ẹyọ yóò di ₦12,960, yóò sì máa fi ₦540 gbèsè mọ sukúyà mítà kọ̀ọ̀kan. Irú agbaṣẹ́ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní fẹjọ́ sùn. Inú sìmẹ́ǹtì ni yóò ti wá owó náà padà.

Ọ̀fìn kejì jẹ́ ti olówó. Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé lẹ́yìn tí wọ́n ti fi àlékún sínú iye ẹyọ gbogbo, wọ́n tún ń kọ “èrè, ìdá 20” sí ẹsẹ̀ àròpọ̀. Olówó tí kò bá tú iye ẹyọ wò yóò rò pé ìdá 20 ni òun san. Ìdá 44 ni, nítorí pé èrè kejì gun orí èrè kìíní.

Àlékún méjì mìíràn ń bẹ ní ojú ewé ìkẹyìn tí kì í ṣe ti agbaṣẹ́ṣe rárá. Èkíní ni owó ohun àìròtẹ́lẹ̀. Bí àròpọ̀ gbogbo ìpín bá jẹ́ ₦40,000,000, tí a sì fi ìdá 5 sí i, ₦2,000,000 ni. Ti olówó ni owó yìí. Bí ohun àìròtẹ́lẹ̀ kankan kò bá ṣẹlẹ̀, àpò rẹ̀ ni yóò padà sí. Èkejì ni owó-orí ọjà tí a ń pè ní fáàtì, èyí tí ó jẹ́ ìdá 5 láti 1994, tí ó sì di ìdá 7.5 ní oṣù kejì 2020. Ti ìjọba ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń fi lé e, ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Lórí ₦42,000,000 ó jẹ́ ₦3,150,000, gbogbo rẹ̀ sì di ₦45,150,000. Nínú owó yìí, ₦40,000,000 nìkan ni ti agbaṣẹ́ṣe bí iṣẹ́ bá lọ bí a ti yà á.

5. Bíìlì méjì lórí ilé kan

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ọ̀dọ̀ ọkùnrin Ọgbà. Mo fi àròpọ̀ ìpín bíìlì méjèèjì ṣe ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Iye agbaṣẹ́ṣe kìíní ni ó ṣíwájú, ti èkejì ni ó tẹ̀lé e. Mílíọ̀nù náírà ni a fi kà á.

Ìpalẹ̀mọ́: 3.0, 5.0
Ìpìlẹ̀ títí dé ojú ilẹ̀: 9.0; 13.0
Ògiri àti òpó: 8.0, 8.5
Òrùlé: 10.0, 7.5
Ilẹ̀kùn àti fèrèsé: 4.0, 2.0
Rírẹ́ ògiri, ilẹ̀ inú ilé àti ọ̀dà: 6.0, 2.5
Àròpọ̀: 40.0, 38.5

Ìpalẹ̀mọ́ tí ó wà lókè ni àwọn ìnáwó tí kò sí lára ilé náà ṣùgbọ́n tí a kò lè kọ́lé láìsí wọn: ilé ìkó-sìmẹ́ǹtì-sí, ọlọ́dẹ, omi, ẹ̀rọ amúnáwá, àti ìdádúró ọkọ̀ yanrìn ní ẹnu ọ̀nà nígbà tí tírélà ilé iṣẹ́ bá dí ọ̀nà.

Bí a bá wo ẹsẹ̀ ìwé nìkan, agbaṣẹ́ṣe kejì fi mílíọ̀nù kan àbọ̀ dín sí èkíní. Ohun tí ọkùnrin náà rí nìyí, òun ni ó sì gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí owó wà. Nínú bíìlì kìíní, ìpalẹ̀mọ́ àti ìpìlẹ̀ kó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó. Nínú bíìlì kejì, wọ́n kó nǹkan bí ìdá 47. Rírẹ́ ògiri, ilẹ̀ àti ọ̀dà kó ìdá 15 nínú èkíní, kò sì tó ìdá 7 nínú èkejì. Ilé kan náà ni, ìwọ̀n kan náà ni, ọjà kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń rajà. A máa ń sọ pé ẹni tí ó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Agbaṣẹ́ṣe kejì ti da omi síwájú ara rẹ̀, olówó ni yóò tẹ eruku tí ó kù lẹ́yìn.

Nígbà tí ògiri dúró tán, tí a sì ti san ìpalẹ̀mọ́ tán nítorí pé àdéhùn kò pín in sí oṣooṣù, agbaṣẹ́ṣe náà ti gba mílíọ̀nù 26.5. Ẹni kìíní ì bá ti gba 20. Mílíọ̀nù 12 ni ó kù fún un láti fi kan òrùlé, fi ilẹ̀kùn sí i, kí ó sì parí inú ilé, iṣẹ́ tí ẹni kìíní dá ní 20. Kò sí ọgbọ́n tí ó lè fi ṣe é láìjẹ gbèsè. Ó ti jẹ èrè rẹ̀ tán, gbèsè nìkan ni ó ń dúró dè é níwájú. Kí ó lọ ni ó sàn fún un, ó sì lọ. Olówó wá wá ẹlòmíràn tí yóò parí rẹ̀ ní mílíọ̀nù 20. Ilé náà di mílíọ̀nù 46.5, èyí tí ó fi mílíọ̀nù 6.5 ju ti agbaṣẹ́ṣe tí ó rò pé ó wọ́n lọ.

6. Nígbà tí ìwọ̀n bá yí padà

Kì í ṣe ìgbà tí agbaṣẹ́ṣe bá sá lọ nìkan ni irú iye ẹyọ bẹ́ẹ̀ ń ṣeni. Bí ó tilẹ̀ dúró parí iṣẹ́, ewu mìíràn wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀.

Ilẹ̀ pupa líle ni ó pọ̀ ní Ìkẹjà àti Agége, ó sì gba ilé dáadáa. Ṣùgbọ́n ibi tí àbàtà ti wà rí, tàbí tí wọ́n ti fi pàǹtí kún kòtò àtijọ́, a kì í mọ̀ àfi ìgbà tí a bá gbẹ́ ẹ. Ìdí nìyí tí ìwọ̀n ìpìlẹ̀ inú bíìlì fi jẹ́ àfojúdá. Lẹ́yìn tí a bá gbẹ́ ẹ tán ni a ó tún un wọ̀n, iye ẹyọ inú bíìlì ni a ó sì fi ṣírò àfikún tàbí àyọkúrò.

Nínú àwòrán, kòtò ìpìlẹ̀ ilé yìí jìn ní mítà 0.9. Wọ́n bá ilẹ̀ rírọ̀, ó sì di mítà 1.35. Kòtò náà gùn ní mítà 70, pẹ̀lú ògiri àárín, nítorí náà ògiri abẹ́ ilẹ̀ fi sukúyà mítà 31.5 pọ̀ sí i, ilẹ̀ gbígbẹ́ sì fi nǹkan bí kúbíìkì mítà 21 pọ̀ sí i. Agbaṣẹ́ṣe kìíní kọ ₦20,000 fún ògiri abẹ́ ilẹ̀ àti ₦4,000 fún gbígbẹ́. Èkejì kọ ₦32,000 àti ₦9,000. Àfikún kan náà yìí ì bá jẹ́ ₦714,000 lọ́wọ́ ẹni kìíní, ó sì jẹ́ ₦1,197,000 lọ́wọ́ ẹni kejì. Nínú mílíọ̀nù kan àbọ̀ tí olówó rò pé òun fi pamọ́, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti bá ilẹ̀ rírọ̀ lọ, kí búlọ́ọ̀kù kankan tó yọ sókè ilẹ̀. Àfikún yìí kò sí nínú àwọn àròpọ̀ tí mo kà ṣáájú. Orí wọn ni ó ń gùn.

7. Bí a ṣe lè mọ̀ ọ́n kí a tó fọwọ́ sí ìwé

Àmì rẹ̀ kò ṣòro láti rí fún ẹni tí ó bá mọ ibi tí yóò wò. Kí ó kọ́kọ́ fi ìpín wé ìpín, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe lókè. Lẹ́yìn náà, kí ó mú iṣẹ́ méjì tí ó jọra nínú bíìlì kan náà, kí ó fi iye ẹyọ wọn wé ara wọn. Ògiri abẹ́ ilẹ̀ yẹ kí ó wọ́n ju ti òkè lọ, nítorí pé a ń fi kọnkéré dí ihò búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Ẹni kìíní kọ ₦20,000 fún ti ìsàlẹ̀ àti ₦16,200 fún ti òkè, ìdí sì wà fún ìyàtọ̀ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni kejì kọ ₦32,000 fún ti ìsàlẹ̀ àti ₦17,200 fún ti òkè, kọnkéré inú ihò búlọ́ọ̀kù kò lè ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí ó tó bẹ́ẹ̀.

Iye tí ó kéré jù náà jẹ́ àmì, ó tilẹ̀ burú ju èyí tí ó ga lọ. Agbaṣẹ́ṣe kejì kọ ₦1,400 fún sukúyà mítà kan ògiri rírẹ́. Àpò sìmẹ́ǹtì kan kì í sábà rẹ́ ju sukúyà mítà 9 tàbí 10 lọ, nítorí náà sìmẹ́ǹtì nìkan ti gba ₦1,000 ó kéré tán. ₦400 ni ó kù fún yanrìn, bíríkìlà àti lébìrà. Ẹni tí ó kọ irú iye bẹ́ẹ̀ kò gbèrò láti rẹ́ ògiri náà, tàbí kí ó gbèrò láti fi yanrìn lásán rẹ́ ẹ.

Ó yẹ kí n sọ ti agbaṣẹ́ṣe pẹ̀lú, nítorí pé kì í ṣe olè ni gbogbo ẹni tí ó ń kó owó síwájú. Ọ̀pọ̀ olówó kì í san owó lásìkò. Nígbà tí iye owó náírà sì yí padà ní oṣù kẹfà 2023, tí sìmẹ́ǹtì gbówó lórí, àwọn tí wọ́n ti fọwọ́ sí iye ẹyọ tí kò ṣeé yí padà jẹ gbèsè ńlá. Ẹ̀rù ni ó ń mú kí ẹlòmíràn gba owó rẹ̀ kí ọjà tó tún gòkè. Ṣùgbọ́n bí ohun tí ó fẹ́ bá jẹ́ owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ó béèrè rẹ̀ ní gbangba, kí a kọ ọ́ sínú àdéhùn, kí a sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó tí a ń san fún un. Bí ohun tí ó ń bà á lẹ́rù bá jẹ́ ọjà, kí wọ́n jùmọ̀ kọ iye sìmẹ́ǹtì àti irin ní ọjọ́ àdéhùn sílẹ̀, kí wọ́n sì fi ohùn ṣọ̀kan lórí bí wọn yóò ti ṣe bí ó bá yí padà. Kò yẹ kí ó fi èyí pamọ́ sínú iye ẹyọ kòtò.

Ní ti olówó, ohun tí ó lè ṣe kí ó tó fọwọ́ sí ìwé kò pọ̀. Kí ó ní kí agbaṣẹ́ṣe tú iye ẹyọ iṣẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí owó wọn pọ̀ jù palẹ̀ níwájú òun, bí a ti tú ti búlọ́ọ̀kù. Bí wọn kò bá dọ́gba pẹ̀lú ọjà, kí wọ́n jùmọ̀ tún iye náà ṣe, kí wọ́n gbé owó láti ìpìlẹ̀ lọ sí òrùlé àti ìparí ilé, láìyí àròpọ̀ ìkẹyìn padà. Agbaṣẹ́ṣe tí ó bá fẹ́ parí iṣẹ́ kò ní pàdánù kọ́bọ̀ kan nínú àtúntò yìí. Ẹni tí ó bá kọ̀ ọ́ ti sọ èrò rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n pín owó ìpalẹ̀mọ́ sí iye oṣù tí iṣẹ́ yóò gbà, kí olówó máa san owó iṣẹ́ tí a ti ṣe tí a sì ti wọ̀n, kí ó sì dá díẹ̀ dúró títí ilé yóò fi parí.

Nígbà tí mo ṣàlàyé gbogbo èyí tán fún ọkùnrin Ọgbà, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní, “Ẹ̀gbọ́n, gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé náà nígbà tí mo fọwọ́ sí i?” Mo ní ó wà níbẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe náà kò fi ohunkóhun pamọ́ fún un. Ó kọ ₦32,000 àti ₦1,400 sílẹ̀ ní kedere, ó sì fi orúkọ rẹ̀ sí i. Àròpọ̀ tí ó wà ní ẹsẹ̀ ìwé ni ó bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni ọkùnrin náà kà.